Háṣitáàgì àti Ọ̀rọ̀ Ìṣàwárí: Èwo Ni Kí Aránṣọ Ilé-Ifẹ̀ Kọ, Ibo Ni Kí Ó Sì Kọ Ọ́ Sí?

Aránṣọ tí ó ní ìsọ̀ ní Lágéré, tí ó sì ń gbé iṣẹ́ rẹ̀ sórí Instagram, ní ọ̀nà méjì tí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rí fi lè rí i. Èkíní ni háṣitáàgì, ìyẹn ọ̀rọ̀ tí a fi àmì # ṣíwájú rẹ̀, tí ó ń kó gbogbo àwòrán tí a bá kọ ọ̀rọ̀ náà sí lábẹ́ jọ sójú kan. Èkejì ni ọ̀rọ̀ ìṣàwárí, ìyẹn ọ̀rọ̀ lásán tí oníbàárà fúnra rẹ̀ ń tẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí nígbà tí ó bá ń wá nǹkan, bí àpẹẹrẹ `tailor in Ile-Ife`. Ọ̀pọ̀ oníṣòwò wa ló gbára lé èkíní nìkan. Wọ́n á to háṣitáàgì sábẹ́ àwòrán kan, wọn kò sì ní kọ ọ́ síbì kankan pé Ilé-Ifẹ̀ ni ìsọ̀ wọn wà. Èrò tèmi ni pé ọ̀rọ̀ ìṣàwárí ló yẹ kí ó ṣáájú, kí háṣitáàgì díẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo máa fi àwọn méjèèjì wé ara wọn nínú àkáǹtì aránṣọ kan ṣoṣo, kí ìdí rẹ̀ lè hàn kedere.

Iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń ṣe

Ọdún 2011 ni Instagram gba háṣitáàgì wọlé. Nígbà tí ó di ìparí ọdún 2017, ó fún àwọn èèyàn láyè láti máa tẹ̀ lé háṣitáàgì bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ lé àkáǹtì ènìyàn, tí ó fi jẹ́ pé ẹni tí ó bá tẹ̀ lé #asoebi lè máa rí aṣọ wa lójú ìwé tirẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀ wá. Àyè yẹn ni ó mú kí háṣitáàgì lágbára púpọ̀ nígbà náà. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kejìlá ọdún 2024, Instagram mú un kúrò. Ohun tí ó kù fún háṣitáàgì báyìí ni pé ó ń ran ẹ̀rọ lọ́wọ́ láti mọ ohun tí àwòrán dá lé lórí, ó sì tún ń kó àwòrán jọ fún ẹni tí ó bá dìídì tẹ̀ ẹ́. Àkáǹtì tí Instagram fi ń bá àwọn oníṣẹ́ àtinúdá sọ̀rọ̀ ti dábàá ní ọdún 2021 pé kí ènìyàn lo háṣitáàgì 3 sí 5 péré, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 30 ni ààlà tí wọ́n fi lélẹ̀ nígbà náà.

Ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ìṣàwárí ń gbà ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2021 kan náà, Instagram ṣàlàyé pé nígbà tí ènìyàn bá tẹ ọ̀rọ̀ sínú àpótí ìṣàwárí, ẹ̀rọ á fi ọ̀rọ̀ náà wé orúkọ àkáǹtì, àlàyé tí ó wà lókè àkáǹtì, ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán, háṣitáàgì àti orúkọ ibi tí a so mọ́ àwòrán. Wọ́n sì fi kún un pé inú ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán gan-an ni kí a kọ ọ̀rọ̀ ìṣàwárí àti háṣitáàgì sí, pé kí a má kọ ọ́ sínú àwọn ọ̀rọ̀ èsì tí ó wà nísàlẹ̀. Láti oṣù Keje ọdún 2025 ni àwòrán àti fídíò láti orí àkáǹtì oníṣòwò tí ó ṣí sílẹ̀ fún gbogbo ayé ti lè máa jáde nínú èsì Google pẹ̀lú, nítorí náà gbólóhùn kan tí a bá kọ dáadáa lábẹ́ àwòrán lè ṣiṣẹ́ níbi méjì.

Ìyàtọ̀ tí ó ṣe pàtàkì jù ni ti ẹni tí ó wà lẹ́yìn fóònù. Ẹni tí ó ń wo #asoebi lè jẹ́ pé ó kàn ń wo àrà tuntun ni, ó sì lè máa gbé ní Àkúrẹ́, ní Àbújá tàbí ní ìlú òyìnbó. Ẹni tí ó bá tẹ `tailor in Ile-Ife` ti ní aṣọ lọ́wọ́, ọjọ́ òde rẹ̀ sì ti ń sún mọ́lé. Ọ̀kan ṣoṣo irú ẹni bẹ́ẹ̀ wúlò fún ìsọ̀ Lágéré ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí kò lè gbé aṣọ dé ọ̀dọ̀ wa lọ. Ìbéèrè tí mo máa ń fi yẹ gbogbo ọ̀rọ̀ wò nìyí: ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí bá mú wá, ṣé ó lè wá gba ìwọ̀n?

Àwòrán kan, ọ̀rọ̀ oríṣi méjì

Ẹ jẹ́ ká mú àwòrán kan: ìró àti bùbá léèsì aláwọ̀ ewé, tí aránṣọ wa rán fún àwọn ẹbí ìyàwó tí wọ́n ń ṣe ìgbéyàwó ní Modákẹ́kẹ́. Bí ọ̀pọ̀ ṣe máa ń kọ ọ̀rọ̀ abẹ́ rẹ̀ nìyí:

```
God did! Another happy client
#fashion #style #love
#lagosfashion #explorepage
```

Bí mo ṣe máa kọ tèmi nìyí:

```
Ìró àti bùbá léèsì, aṣọ ẹbí ìyàwó ní Modákẹ́kẹ́.
Lace iro and buba for aso ebi.
Tailor in Ile-Ife, Lagere.
#ileife #modakeke #ileifetailor #iroandbuba
```

Nínú ti àkọ́kọ́, kò sí ọ̀rọ̀ kan tí ó sọ irú aṣọ tí a rán, kò sì sí èyí tí ó sọ ìlú tí a wà. Ìmoore sí Ọlọ́run dára, kò sì burú kí ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí oníbàárà tí yóò fi í wá aránṣọ. #fashion àti #style gbòòrò débi pé àwòrán tuntun ń ya wọ inú wọn ní ìṣẹ́jú-ìṣẹ́jú láti gbogbo ayé, tiwa á sì rì mọ́lẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó rí i. #lagosfashion tún burú jù wọ́n lọ, nítorí pé ó ń ṣi ènìyàn lọ́nà: ẹni tí ó ń wá aránṣọ ní Èkó á tẹ̀ ẹ́, á rí i pé Ifẹ̀ la wà, á sì kúrò.

Nínú èkejì, gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Ti àkọ́kọ́ wà fún ènìyàn tí ó ń kà á, ó sì jẹ́ Yorùbá tí a fi àmì sí bí ó ti yẹ. Ti èkejì tún ohun kan náà sọ láìsí àmì, nítorí pé báyẹn ni ọ̀pọ̀ ń tẹ̀ ẹ́. Ẹ̀kẹta dárúkọ iṣẹ́, ìlú àti àdúgbò. Háṣitáàgì mẹ́rin péré ló tẹ̀ lé wọn, mẹ́ta nínú wọn ló sì so mọ́ ibi tí a wà. Yàtọ̀ sí gbogbo ìyẹn, kí a tún so orúkọ ibi mọ́ àwòrán náà níbi tí Instagram ti ń béèrè rẹ̀ kí a tó gbé e síta, nítorí pé ọ̀nà ìwárí ọ̀tọ̀ ni ìyẹn jẹ́, kò sì gba àyè kankan nínú ọ̀rọ̀ tí a kọ.

Ẹnìkan lè béèrè pé, ṣé kí a wá kúkú ṣẹ̀dá háṣitáàgì tí kò sí ẹlòmíràn nínú rẹ̀, bí i orúkọ ìsọ̀ wa? Ó wúlò fún kíkó iṣẹ́ wa jọ kí oníbàárà tí ó ti mọ̀ wá lè wò wọ́n, ṣùgbọ́n kò lè mú àjèjì wá, nítorí ẹni tí kò mọ orúkọ wa kò ní tẹ̀ ẹ́. Irú kan sì tún wà tí ó ń tanni jẹ: háṣitáàgì tí àwọn oníṣòwò nìkan kún inú rẹ̀, tí wọ́n ń fi ọjà han ara wọn. Láti mọ̀ ọ́n, ẹ tẹ háṣitáàgì náà, kí ẹ wo àwòrán tí ó kọ́kọ́ hàn, kí ẹ ṣí bí i mẹ́sàn-án nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ará ìlú wa ni wọ́n wà níbẹ̀, tí àwọn èèyàn sì ń béèrè iye owó lábẹ́ wọn, ẹ lò ó. Bí ó bá jẹ́ pé ìlú mìíràn ni gbogbo wọn, tàbí tí kò sí ẹni tí ó béèrè ohunkóhun, ẹ fi í sílẹ̀.

Ìṣòro tí ó wà nínú orúkọ ìlú wa

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ àkáǹtì ní Ifẹ̀ ti ń pàdánù láìmọ̀. Háṣitáàgì kì í gba àlàfo, kì í sì í gba àmì ìsopọ̀ tí ó wà láàárín Ilé àti Ifẹ̀. Bí a bá kọ `#Ile-Ife`, ẹ̀rọ á gé e sí `#Ile`, `-Ife` á sì di ọ̀rọ̀ lásán tí ó so mọ́ ọn lẹ́yìn. Ẹ wo àwọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá gbé e síta tán: ibi tí àwọ̀ háṣitáàgì bá parí sí ni ẹ̀rọ ka ọ̀rọ̀ náà dé. `#IleIfe` ni kí a kọ. Kò sí ìyàtọ̀ láàárín lẹ́tà ńlá àti lẹ́tà kékeré lójú ẹ̀rọ, nítorí náà ojú kan náà ni òun àti `#ileife` ń lọ, ṣùgbọ́n lẹ́tà ńlá jẹ́ kí ó rọrùn fún ènìyàn láti kà.

`#ife` nìkan kò wúlò fún wa. Láìsí àmì, ìlú Ifẹ̀, ìfẹ́ tí à ń fẹ́ra, ife tí a fi ń mu omi, àti gbogbo ẹni tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Ìfẹ́ ni wọ́n jọ ń lò ó. `#OAU` sàn díẹ̀, nítorí ilé ẹ̀kọ́ gíga Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ni ọ̀pọ̀ nínú wa mọ̀ ọ́n mọ́. Ṣùgbọ́n orúkọ kan náà ni Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Áfíríkà jẹ́ láti 1963 títí di 2002, nítorí náà ìtàn òṣèlú lè jáde pẹ̀lú rẹ̀. `#OAUIfe` ló kúrò nínú ìdàrúdàpọ̀ yìí. Kí ẹ sì rántí pé ẹni tí ó ń gbé ní Modákẹ́kẹ́ lè má tẹ Ilé-Ifẹ̀ rárá nígbà tí ó bá ń wá aránṣọ itòsí. Orúkọ ìlú tirẹ̀ ni yóò tẹ̀. Bí iṣẹ́ bá ń ti ibẹ̀ wá, orúkọ méjèèjì ló yẹ kí ó máa hàn lójú ìwé wa.

Nípa àmì ohùn, ìpinnu mi ni pé kí a fi sí inú gbólóhùn, kí a sì yọ ọ́ kúrò nínú háṣitáàgì. Háṣitáàgì `#aṣọẹbí` àti `#asoebi` kì í kó àwòrán jọ sójú kan náà, àwọn tí ó ń tẹ èyí tí kò ní àmì ló sì pọ̀ jù lọ, nítorí pé bọ́tìnnì orí fóònù wọn kò ní àmì nítòsí. Kò yẹ kí ìyẹn mú wa kọ èdè wa ní ìkọkúkọ nínú gbólóhùn tí ènìyàn ń kà. Mo fẹ́ràn kí ojú ìwé ìsọ̀ Ifẹ̀ fi Yorùbá tí ó pé hàn, kí háṣitáàgì ìsàlẹ̀ sì ṣe iṣẹ́ ti ẹ̀rọ.

`Tailor`, `fashion designer`, àbí aránṣọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ìṣàwárí ti lágbára jù lórí Instagram ni ìlà orúkọ, ìyẹn ìlà tí ó hàn ní lẹ́tà tí ó dúdú lókè àkáǹtì, tí ó yàtọ̀ sí orúkọ tí ó ní @ níwájú. Ọ̀pọ̀ kàn ń tún orúkọ ìsọ̀ kọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àyè náà sì ṣòfò. Ẹ fi àwọn méjì yìí wé ara wọn:

```
Orúkọ Ìsọ̀ Wa Couture
Orúkọ Ìsọ̀ Wa | Tailor in Ile-Ife
```

Ọ̀pọ̀ aránṣọ ọ̀dọ́ ló fẹ́ràn `fashion designer` tàbí `couture`, mo sì mọ ìdí rẹ̀: iyì wà nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà ló ń tẹ ọ̀rọ̀ ìṣàwárí, ọ̀rọ̀ ẹnu tirẹ̀ ni yóò sì tẹ̀. Bí a bá fẹ́ mọ ọ̀rọ̀ náà, ibi tí ó dájú jù ni àwọn àtẹ̀jíṣẹ́ tí wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí wa lórí Wọ́sáàpù. Bí ìyá kan bá kọ̀wé pé, “Ẹ káàsán o, aránṣọ. Èló lẹ ń rán ìró àti bùbá? Àwa mẹ́fà ni, aṣọ ẹbí ni,” ó ti fún wa ní ọ̀rọ̀ méjì. Bí akẹ́kọ̀ọ́ kan bá kọ̀wé pé, “Ẹ kú iṣẹ́ mà. Ẹ jọ̀ọ́ mà, ṣé ẹ lè bá mi rán gáùn dínà kí ó tó di Jímọ̀? Inú kámpọ́ọ̀sì ni mo wà,” ó ti fún wa ní òmíràn: `dinner gown`, `OAU`, àti ìròyìn pé iṣẹ́ kíákíá ló ń wá. Ẹ ka irú àtẹ̀jíṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sẹ́yìn, kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ tí ó bá ń padà wá sílẹ̀. Ó ṣòro kí ẹ tó rí `couture` níbẹ̀.

Ọ̀nà kejì ni kí ẹ lọ sójú Google, kí ẹ tẹ `tailor in` tàbí `aso ebi`, kí ẹ sì dúró kí ẹ tó tẹ ìwárí. Àwọn gbólóhùn tí Google á máa dábàá nísàlẹ̀ wá láti inú ohun tí àwọn èèyàn ń tẹ̀ gan-an. Ẹ má gbàgbé pé ìtàn ìwárí tiyín lórí fóònù náà lè yí àbá yìí padà, nítorí náà ó dára kí ẹ tún un wò lórí fóònù ẹlòmíràn.

Tí `tailor` àti `fashion designer` bá jọ ń jáde, kí `tailor in Ile-Ife` gba ìlà orúkọ, kí `fashion designer` sì bọ́ sínú àlàyé ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí àyè rẹ̀ jẹ́ lẹ́tà 150. Kí a fara balẹ̀ yàn án kí a tó yí i padà, nítorí ẹ̀ẹ̀mejì péré ni Instagram ń gbà kí a yí ìlà orúkọ padà láàárín ọjọ́ 14. Ọ̀rọ̀ aránṣọ dára nínú àlàyé pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èmi kò ní fi í ṣáájú ní ìlà orúkọ, àyàfi tí àtẹ̀jíṣẹ́ Wọ́sáàpù bá fi hàn pé òun ni àwọn oníbàárà yín ń lò.

Google Maps ní òfin tirẹ̀

Ohun tí ó tọ́ lórí Instagram lè di ẹ̀ṣẹ̀ lórí Google. Ní ojú ìwé ìsọ̀ lórí Google Maps, orúkọ tí ó wà lára pátákó ìsọ̀ gan-an ni òfin ní kí a kọ. Bí a bá lẹ `Tailor in Ile-Ife` mọ́ ọn, Google lè tún un ṣe fúnra rẹ̀ tàbí kí ó dá ojú ìwé náà dúró. Ẹ̀ka iṣẹ́ ni a máa ń yàn níbẹ̀ dípò rẹ̀: ọ̀kan tí ó jẹ́ olórí, àti àwọn mìíràn tí ó lè tẹ̀ lé e. `Tailor`, `Dressmaker` àti `Fashion designer` wà nínú àkójọ náà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Aránṣọ tí ó ń rán ti ọkùnrin àti obìnrin lè fi `Tailor` ṣe olórí, èyí tí ó ń rán ti obìnrin nìkan lè fi `Dressmaker` ṣe é. Àlàyé tí a lè kọ níbẹ̀ gùn dé lẹ́tà 750, kò sì gba háṣitáàgì kankan láti ṣe é.

Google sọ pé ohun mẹ́ta ni òun fi ń to ìsọ̀: bí ó ṣe bá ohun tí a wá mu, bí ó ṣe jìnnà sí ẹni tí ó ń wá a, àti bí ó ṣe gbajúmọ̀ tó. Ọ̀rọ̀ ìṣàwárí kò lè ṣe nǹkan kan sí èkejì. Ẹni tí ó dúró ní Ọ̀nà Òǹdó lè máa rí aránṣọ ibẹ̀ ṣáájú ti Lágéré, kò sì túmọ̀ sí pé a kọ ọ̀rọ̀ tí kò dára.

Bí a ṣe lè mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́

Google ṣe èyí tí ó rọrùn: níbi ìròyìn ìṣe ìsọ̀, ó máa ń fi àwọn ọ̀rọ̀ tí àwọn èèyàn tẹ̀ kí ojú ìwé wa tó jáde hàn wá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò lóṣooṣù, kí ẹ sì fi ọ̀rọ̀ tí ẹ bá rí níbẹ̀ tún ọ̀rọ̀ abẹ́ àwòrán Instagram ṣe. Ti Instagram kò ṣe é gbára lé tó bẹ́ẹ̀. Iye ojú tí ó rí àwòrán lè pọ̀ sí i nítorí pé fídíò kan ta yọ, kí oníbàárà má sì pọ̀ sí i rárá. Ìwé ìwọ̀n ni mo gbára lé jù. Níbi tí a ti ń kọ àyà, ìbàdí àti gígùn ọwọ́, kí a fi ìlà kan kún un: ibo ni ó ti rí wa? Kí a kọ ìdáhùn náà bí ó bá ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́, yálà “ọ̀rẹ́ mi ló júwe yín” tàbí “mo tẹ̀ ẹ́ sórí Google.”

Nǹkan kan ṣoṣo ni kí a máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Bí a bá yí ìlà orúkọ, háṣitáàgì àti ẹ̀ka Google padà ní ọjọ́ kan náà, a kò ní mọ èyí tí ó mú oníbàárà wá. Kí a fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní bí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, kí a sì yẹra fún àsìkò tí OAU bá ń ṣe ayẹyẹ ìkẹ́kọ̀ọ́gboyè, nítorí pé nígbà yẹn gbogbo ìsọ̀ aránṣọ ní Ifẹ̀ ló máa ń kún, èyí tí ó kọ `#fashion` àti èyí tí kò kọ ohunkóhun. Oṣù tí iṣẹ́ bá fà sẹ́yìn ni kí a fi ṣe ìdánwò yìí.